Àdìrẹ kan, ìtumọ̀ méjì: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà mọ́ni lẹ́nu nígbà tí a bá ń jiyàn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ sí Ìtòkú láti ra aṣọ tí a máa wọ̀ lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí aṣọ aláwọ̀ búlúù kún ibẹ̀ bámú, mo wá fọwọ́ kan ọ̀kan, mo bi ìyá tó ń tà á pé mọ́mì, ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe èyí àbí máṣíìnì? Ìyá ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe Abẹ́òkúta ńbí lo ń gbé ni? Àdìrẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, látayé àwọn ìyá ìyá wa. Èyí tó o dì mú yìí ńkọ́, ṣé kì í ṣe àdìrẹ ni? Àdìrẹ mà ni. Kí lo tún wá ń bi mí sí?" Àbúrò mi ti ń ṣí pọ́ọ̀sì ní tiẹ̀. Èmi náà ò rí nǹkan kan fọ̀, torí tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ ìyá yẹn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sírọ́ níbẹ̀. Àdìrẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, òótọ́ ni. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ọjà ló ń pè é ní àdìrẹ, òótọ́ nìyẹn náà. Kí ló wá dé tí ọkàn mi ò gbà á? Mo ṣá ní mọ́mì a ń bọ̀, mo fa àbúrò mi lọ́wọ́, a kúrò níbẹ̀.

Inú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà sílé ni mo tó rí ibi tó ti yọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá yẹn pè lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ nǹkan tó ń tọ́ka sí nígbà àkọ́kọ́ kọ́ ló ń tọ́ka sí nígbà kejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí nìyẹn, torí mo ti wá rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ borí wa tí inú wa ò sì dùn sí i, tí a ò dẹ̀ mọ ohun tí a máa fi fèsì, irú ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú àdìrẹ yẹn wò dáadáa. Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ló ń sọ: wọ́n á dì í, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró. Ti oníko, wọ́n á fi iko so aṣọ náà kókó kókó kí ó tó wọnú aró, ibi tí wọ́n so yẹn á wá funfun. Ti alábẹ́rẹ́, òwú àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń rán an pọ̀. Ti ẹlẹ́kọ, wọ́n á se láfún kó ki, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún yẹn, kí aró má lè ráyè wọ ojú ibẹ̀. Gbogbo èyí, ọwọ́ ni, ó sì ń gba àkókò. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká pè é ní àdìrẹ iṣẹ́. Àmọ́ láyé ìsinsìnyí, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ti ń fi máṣíìnì tẹ irú àwòrán yẹn sára aṣọ, láti ilẹ̀ òkèèrè pàápàá, wọ́n á kó o wá sọ́jà, kò sẹ́ni tó dì í, kò sẹ́ni tó rẹ ẹ́, àmọ́ nítorí pé àwòrán ẹ̀ jọ ti àdìrẹ, àdìrẹ náà la ń pè é. Ìtumọ̀ kejì nìyẹn, àdìrẹ àwòrán. Mi ò ní ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ o, bí èdè ṣe máa ń ṣe nìyẹn, orúkọ máa ń ṣí kúrò lára iṣẹ́ bọ́ sára ohun tó jọ ọ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìtumọ̀ àkọ́kọ́, tó fi ẹsẹ̀ kejì tẹ ìkejì, tó wá fò kọjá sórí ìparí ọ̀rọ̀. Ohun tí ìyá yẹn sọ, tí ẹ bá to ó sílẹ̀, bó ṣe rí rèé: àdìrẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, aṣọ yìí, àdìrẹ ni, nítorí náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe aṣọ yìí. Ó dán mọ́nránmọ́nrán lẹ́nu. Bí ẹ ṣe máa mú un ni pé kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ "àdìrẹ" kúrò pátápátá, kí ẹ fi ìtumọ̀ ẹ̀ rọ́pò ẹ̀ ní ibi méjèèjì, ìtumọ̀ kan náà o, ẹ má fi èyí sí ibí kí ẹ fi tọ̀hún sí ọ̀hún. Tí ẹ bá fi ti iṣẹ́ sí i, á di: aṣọ tí wọ́n dì tí wọ́n rẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é (òótọ́), aṣọ yìí, aṣọ tí wọ́n dì tí wọ́n rẹ ni (ta ló sọ bẹ́ẹ̀? ohun tí mo ń béèrè gan-an nìyẹn). Tí ẹ bá fi ti àwòrán sí i, á di: aṣọ tó ní àwòrán àdìrẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é (kì í ṣòótọ́, máṣíìnì ń ṣe é náà), aṣọ yìí ní àwòrán àdìrẹ (òótọ́, ojú mi rí i). Ṣé ẹ rí i? Kò sí ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ lè fi sí ibi méjèèjì kí gbólóhùn méjèèjì dúró sórí òótọ́. Tí ọ̀kan bá dìde, èkejì á ṣubú. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ afárá láti orí gbólóhùn kìíní bọ́ sórí ìkejì, kò kan òdìkejì odò, ńṣe ni afárá méjì wà níbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn dé àárín omi, orúkọ kan náà ni wọ́n ṣá ń jẹ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó yé wa níbí kí a tó tẹ̀ síwájú, torí àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí máa ń ṣì í lò. Pé àlàyé ìyá yẹn ò dúró, kò túmọ̀ sí pé aṣọ yẹn, máṣíìnì ló ṣe é. Ó lè jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é lóòótọ́. Ohun tí a rí ni pé ẹ̀rí tó mú wá ò gbé ọ̀rọ̀ náà, ká lọ wá ẹ̀rí míì. Ẹ̀rí yẹn dẹ̀ wà lára aṣọ fúnra ẹ̀: ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, èyí tí wọ́n rẹ sínú aró, aró á ti mu dé ẹ̀yìn, èyí tí máṣíìnì tẹ̀ sójú kan sábà máa ń ṣá lẹ́yìn. Ẹ wo àwòrán ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ èèyàn kì í ya òbìrípo méjì kí wọ́n rí bákan náà láìyẹ̀, máṣíìnì á pààrà nǹkan kan náà, àlàfo kan náà, títí aṣọ á fi tán. Àwọn àmì yìí ò ní kí ẹ má rí ẹni tó máa tàn yín jẹ, torí àwọn aṣọ títẹ̀ kan wà tó ń mu dé ẹ̀yìn náà, àmọ́ ó kéré tán aṣọ lẹ ń yẹ̀ wò, ẹ ò yẹ orúkọ wò mọ́.

Ti àdìrẹ, owó lásán ni. Ìkejì tí mo fẹ́ sọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, obìnrin tó bá wọlé ọkọ, kì í ṣe ọkọ tó fẹ́ ẹ nìkan ni ọkọ ẹ̀. Àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni. Àwọn ọmọbìnrin ilé pàápàá, ọkọ ìyàwó ni wọ́n, ọmọ ọdún márùn-ún tí ìyàwó bá nínú ilé, ìyàwó á fún un lórúkọ, á kúnlẹ̀ kí i, á ní ọkọ mi. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ìbátan mi obìnrin kan wà ní Ìbàrà níbí, ó ń ta èlò ṣọ́ọ̀bù, ọjà ẹ̀ ń lọ dáadáa, àbúrò ọkọ ẹ̀ wá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹ̀, owó ńlá, kò dẹ̀ tíì san ti àkọ́kọ́. Obìnrin yìí ní òun ò ní. Ni wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Arákùnrin yẹn dìde láàárín gbogbo wa, ó ní, "Ohun tó bá jẹ́ ti ìyàwó, ti ọkọ ni, ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa. Òun náà ló dẹ̀ ń pè mí lọ́kọ láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ṣé mo wá parọ́ ni, pé owó yẹn, owó mi ni?" Ilé dákẹ́. Ẹ gbọ́, àwọn èèyàn kan ti ń mi orí sókè sódò. Bóyá ẹ máa gbà pé ohun tó jẹ́ ti ìyàwó ti ọkọ ni, bóyá ẹ ò ní gbà, èmi ò gbà ní tèmi, àmọ́ ìyẹn ọ̀tọ̀. Àní ká tiẹ̀ gbà á fún un, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tíì dúró síbẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́bàá ògiri ló tú u, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ò dẹ̀ ju ìbéèrè kan lọ. Wọ́n ní, "Ọkọ wo? Ọkọ tó sanwó orí ẹ̀, àbí ọkọ tó jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, arákùnrin yẹn jókòó.

Ẹ wo ohun tí ìyá yẹn ṣe. Wọn ò jiyàn pé kì í ṣe ọkọ. Wọn ò sọ pé àṣà yẹn ò dáa. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní kó yan ọ̀kan, kó dẹ̀ dúró tì í. Tó bá yan ọkọ ti orúkọ, ìyẹn ọkọ ti ọ̀wọ̀ tí gbogbo ẹbí jọ ń jẹ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ohun ìní ìyàwó jẹ́ tiwọn, torí bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ọmọ ọdún márùn-ún yẹn náà ti ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá yan ọkọ tó fẹ́ ẹ, òun kọ́. "Èwo nínú ẹ̀?" yìí, mo ti lò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, ó ń yára ju kí èèyàn máa to gbólóhùn sílẹ̀ lọ, ó dẹ̀ níwà, torí kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí Yorùbá kún fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọra ni, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ṣé àwọn yẹn kọ́ ló máa kọ́kọ́ kó bá wa? Rárá o. Àwọn yẹn gan-an ni kì í tan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ohùn ló yà wọ́n, tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfi àmì sí i ó lè rú wa lójú fún ìṣẹ́jú kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn pé nítorí pé ọkọ̀ ní táyà mẹ́rin, ọkọ yín náà gbọ́dọ̀ ní. Ìtumọ̀ wọn jìnnà síra jù. Èyí tó ń múni ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohùn kan ṣoṣo, tí ìtumọ̀ ẹ̀ méjèèjì jẹ́ ìyekan, tí wọ́n sún mọ́ra débi pé èèyàn ò mọ ìgbà tó ti kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Arísítótù, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2300 ọdún sẹ́yìn, ka ẹ̀tàn mẹ́fà tó máa ń jáde láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu fúnra ẹ̀, èyí ló fi ṣe ìkíní. Àpẹẹrẹ tó lò, ọ̀rọ̀ kan ni ní èdè tiwọn tó túmọ̀ sí kí èèyàn kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó tún túmọ̀ sí kí nǹkan yé èèyàn. Ìyekan ni àwọn náà.

Èmi fúnra mi ti jìn sí irú kòtò yìí rí, kò dẹ̀ sẹ́ni tó tì mí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Òwu la ń sọ ìtàn ìlú, mo ní àwọn Ẹ̀gbá dé sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ló kó wọn dé, Òwu náà Ẹ̀gbá ni, nítorí náà Òwu wà níbẹ̀ ní 1830. Ó wò mí, ó ní rárá, àwọn bàbá wa dé ní 1834, wọ́n bá yín níbẹ̀ ni. Mo ní báwo? Ṣé Òwu kì í ṣe Ẹ̀gbá ni? Inú bí i díẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé "Ẹ̀gbá" tí mo pè nígbà àkọ́kọ́, àwọn tó ti inú igbó Ẹ̀gbá jáde ni, ti Aláké, ti Òkè-Ọnà, ti Gbágùúrá. "Ẹ̀gbá" tí mo pè nígbà kejì, gbogbo ará Abẹ́òkúta lápapọ̀ ni, bí àwọn ará Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn ṣe máa ń pè wá láìya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ti Olówu wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì lèèyàn ń gbà pè é lójoojúmọ́, kò sí èyí tó jẹ́ àṣìpè. Mo kàn gbé déètì tó jẹ́ ti ọ̀kan lé èkejì lórí ni, èmi tí mo gbà pé mo mọ ìtàn.

Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni pé a máa ń rò pé ẹni tó bá ṣe báyìí, ẹlẹ́tàn ni. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í mọ̀. Ohun tó dẹ̀ máa ń jẹ́ kó ṣòroó rí ni àlàfo: ọ̀rọ̀ náà á wáyé níbẹ̀rẹ̀, ìtàn á wọlé, òwe á wọlé, á tún wá jáde lópin nígbà tí etí ti gbàgbé bó ṣe wọlé. Irú ẹ̀ ni fóìsì nóòtù tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí, ó gùn, wọ́n fi òwe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àgbà, bí ò bá ṣẹ láàárọ̀ á ṣẹ lálẹ́, wọ́n wá sọ ìtàn ìgbà èwe wọn ní oko, wọ́n ní àwọn ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn làgbà tó kù nínú ẹbí, ìparí ẹ̀ wá ni pé kí àǹtí mi jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò, ọ̀rọ̀ àgbà ni, kó má jiyàn. Àgbà tí òwe yẹn ń sọ, ẹni tí ìrírí ti fi ọgbọ́n sí lórí lórí ọ̀ràn tó ń dá sí ni. Àgbà tí wọ́n fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn, ti ọjọ́ orí ni. Pé méjèèjì kì í fìgbà gbogbo rìn pọ̀, èdè wa ti mọ̀ tipẹ́, òun ló fi dá ọ̀rọ̀ "àgbàyà" sílẹ̀ fún ibi tí ọjọ́ orí bá wà tí òye ò sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kì í ṣe àgbàyà o, èèyàn dáadáa ni wọ́n, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, ibi tí ààlà wà, ẹnu wọn ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ padà pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ẹbí, ẹ ó pẹ́ fún wa. Lórí ti ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, ẹ jẹ́ ká bi dókítà tó fún wọn lóògùn, òun làgbà tiẹ̀." Wọn ò bínú.

Ẹ má wá torí gbogbo èyí máa mú gbogbo ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà méjì lọ́rùn. Pọ́nna tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, adùn èdè ni, àwàdà ń tibẹ̀ wá, oríkì ń tibẹ̀ wá. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ìparí ọ̀rọ̀ náà nílò kí ìtumọ̀ yí padà kó tó lè dúró. Ká ní ìyá Ìtòkú yẹn sọ pé àdìrẹ rẹwà lára obìnrin, àdìrẹ lèyí, á rẹwà lára ẹ, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá wọn rò, torí ì báà jẹ́ ti iṣẹ́ ì báà jẹ́ ti àwòrán, ẹwà yẹn wà níbẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá sọ pé "dúró ná, ohun tí mo ní lọ́kàn nígbà tí mo pè é ni báyìí", kò yí nǹkan kan, ó ń la ọ̀rọ̀ ni, ó dáa kí a fún un láyè.

A padà sí Ìtòkú ní ọjọ́ kẹta. Ṣọ́ọ̀bù kan náà, ìyá kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò bi wọ́n pé ṣé àdìrẹ ni. Mo ní mọ́mì, èwo nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n dì kí wọ́n tó rẹ, èwo dẹ̀ ni máṣíìnì tẹ̀? Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n sọ ìdì kan kalẹ̀, aró ṣì ń rùn lára ẹ̀. "Ti dídì nìyí. Owó ẹ̀ ju tọ̀hún lọ." Mo tọ́ka sí èyí tí mo dì mú níjọ́sí, mo ní èyí ńkọ́? "Máṣíìnì ni," wọ́n dá mi lóhùn wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́ rí, "àmọ́ àdìrẹ lòun náà, mi ò parọ́ fún ẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mọ́mì, ẹ ò parọ́. A ra yáàdì márùn-ún nínú ti dídì, àbúrò mi tún ra méjì nínú ti máṣíìnì láti fi rán ìborí tábìlì.